Ìwé Àtúnṣe Eré: Ohun Tí Ìlà Kúkúrú Ń Sọ fún Ẹni Tó Mọ̀ ọ́n Kà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, a wọ ilé eré kan ní agbègbè Bè, níhìn-ín ní Lomé, a sì bá àwọn ọ̀dọ́ wa nídìí bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n dá ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan fáráǹkì jọ, ẹni tó bá borí ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí gbogbo ilé mọ̀ sí ọ̀ta. Àrà tirẹ̀ ni láti gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kí aṣọ́lé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọ̀n ti mì. Oṣù méjì ni ó ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹfà, kò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó dìde, ó kọjú sí onílé eré. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pààrọ̀ mànẹ́ẹ̀tì mi." Onílé eré búra pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní bóyá wọ́n ti ṣe é ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn tó dá owó ń bèèrè owó wọn, ẹni tó ń borí sì fárígá pé òun kò ní dá nǹkan kan padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń díje ti gba àtúnṣe ní òru ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì yá. Ẹ̀rọ kejì tó wà ní igun ilé, èyí tí ọmọ náà fi ń kọ́wọ́, kò tíì gbà á. Nígbà tí wọ́n tan èyí àkọ́kọ́, ìwé kan hàn lójú rẹ̀, ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì, ìwé náà kọjá lọ. A ní kí wọ́n ṣí i padà. Ó wà níbẹ̀ ní ìlà kejì, ní kedere, pé wọ́n ti dín bí ìgbá láti òkèèrè ṣe ń tọ̀nà kù. A kò ní dárúkọ eré náà, nítorí ẹjọ́ kò sí lọ́rùn ẹni tó ṣe é; ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, a kò kà á ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pe àtúnṣe yìí ní mizajúù, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè Faransé. Ìwé tó ń bá a rìn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìwé tí àwọn tó ṣe eré fi ń sọ fún àwọn tó ń ta á pé èyí ni ohun tó bàjẹ́ tí a tún ṣe, èyí sì ni ohun tí a yí padà kí eré lè dọ́gba. Apá méjèèjì yìí jọra lójú, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́ ni àbùkù: nǹkan kan ń ṣe ohun tí ẹni tó ṣe é kò ní lọ́kàn. Ti èkejì ni ìdọ́gba: nǹkan náà ń ṣe ohun tí wọ́n rán an gan-an, síbẹ̀ ó ń ba eré jẹ́. Ìgbá ọmọ yẹn kò ní àbùkù kankan. Ó kàn ń wọlé jù ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àbùkù ṣáájú, nítorí ìtàn kan wà tí a kò lè gbàgbé. Eré kan ń jẹ́ Dwarf Fortress. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Amẹ́ríkà, Tarn Adams àti Zach Adams, ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 2006. Nínú rẹ̀, àwọn aràrá ń kọ́ ìlú sábẹ́ òkè, ohun gbogbo ni ẹ̀rọ sì ń ṣírò: ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀, ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ìyẹ́ tó bọ́ lára ẹyẹ. Ní ìparí ọdún 2015, wọ́n fi ilé ọtí kún un, kí àwọn aràrá lè máa péjọ, kí wọ́n mu, kí wọ́n kọrin. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ta eré náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé àwọn ológbò àwọn ń kú, èébì sì kún gbogbo ilẹ̀ ilé ọtí.

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn ni pé àwọn agbọ́tí ń bu ọtí fún ológbò. Wọ́n wo ìyẹn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ológbò kankan kò gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí aràrá bá ti yó, ọtí a máa dà sílẹ̀. Ológbò a gba ibẹ̀ kọjá, ọtí a sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ilé ọtí tó wà rárá, Tarn Adams ti kọ́ ológbò inú eré náà láti máa fi ahọ́n nu ara rẹ̀ bí ológbò gidi ti ń ṣe. Nítorí náà, ológbò lá ọtí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà: apá ẹ̀rọ tó ń ṣírò ohun tí ẹranko gbé mì kò mọ̀ pé ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ni. Ó kà á sí odindi ife kan. Ara ológbò kéré, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ara ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣírò bí ọtí ṣe ń pani tó. Ife tó kàn ń mú aràrá kọrin ni ó ń pa ológbò.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí apá kan nínú ẹ̀wọ̀n yìí tó burú ní tirẹ̀. Ó dára kí ọtí dà sílẹ̀, ó dára kí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó dára kí ológbò nu ara rẹ̀, ó dára kí ọtí máa pa ẹni kékeré ju ẹni ńlá lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kò tọ́, ìyẹn ìwọ̀n ohun tí a lá. Ilé ọtí sì ni ó tú àṣírí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ìdí nìyí tí ìlà àbùkù nínú ìwé àtúnṣe fi máa ń dà bí àwàdà nígbà mìíràn. Bí ẹ bá rí i kí wọ́n kọ ọ́ pé ológbò kì í kú ní ilé ọtí mọ́, ohun tí ojú rí nìkan ni wọ́n sọ fún yín. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ohun tí ẹranko lá lára rẹ̀ kì í ṣe odindi ife mọ́, wọ́n ti sọ ìdí. Ìlà tó sọ ìdí ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹni tó kàn dí ojú ibi tó ń jò kò tíì rí ibi tí páànù ti lu, àbùkù irú èyí sì máa ń padà wá lẹ́yìn oṣù kan pẹ̀lú ojú mìíràn: dípò ológbò, ajá.

Ti ìdọ́gba ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀, òun náà ni a sì fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ìdọ́gba kò bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gidi, àtúnṣe kan wà tí bàbá àwọn bàbá wa jẹ àǹfààní rẹ̀. Títí di ọdún 1925, òfin ọ́fúsáìdì sọ pé ẹni tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù sílé gbọ́dọ̀ ní alátakò mẹ́ta, ó kéré tán, láàárín ara rẹ̀ àti ìlà ilé. Àwọn adẹ́yìn rí ọgbọ́n dá sí i: ọ̀kan nínú wọn á sáré síwájú, ìkejì á dúró sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ́lé. Bí pańpẹ́ náà bá mú, wọ́n ti gba fèrè. Bí kò bá mú, ẹnìkan ṣì wà lẹ́yìn. Eré di fèrè lórí fèrè. Ní ọdún 1925, wọ́n sọ mẹ́ta di méjì. Ẹ wo ohun tí nọ́ńbà kan ṣe: ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, góòlù 1,192 ni wọ́n gbá sílé ní sáà 1924 sí 1925. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, iye ẹgbẹ́ kan náà, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà, ó di 1,703. Ṣé àwọn adẹ́yìn wá káwọ́ gbera? Rárá o. Herbert Chapman ti Arsenal wà lára àwọn tó fa agbábọ́ọ̀lù àárín wá sẹ́yìn, tí adẹ́yìn méjì fi di mẹ́ta. Gbogbo àtúnṣe ìdọ́gba ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ìwé sọ ohun tó yí padà. Kò lè sọ ohun tí àwọn ọ̀ta yóò fi dáhùn.

Ọpọ́n ayò tiwa kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, nítorí ihò mẹ́fà ni tèmi, ihò mẹ́fà ni tìrẹ, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ta nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹ wá ro ọpọ́n kan tí ihò tèmi pọ̀ ju tìrẹ lọ, tí ọmọ ayò tìrẹ sì lágbára ju tèmi, tí ẹni kẹta tún dé pẹ̀lú òfin mìíràn, kí ẹ sì ṣe é kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa borí ara wọn bákan náà. Ohun tí ilé iṣẹ́ Blizzard dáwọ́ lé nìyẹn ní ọdún 1998 pẹ̀lú eré ogun StarCraft. Orílẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Terran, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn; Protoss, tí ọmọ ogun wọn wọ́nwó ṣùgbọ́n tí wọ́n le; àti Zerg, ẹranko tó ń bímọ bí eṣú. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe ni ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ ṣí wò ni nọ́ńbà `1.08`, tó jáde ní ọdún 2001. Ìlà méjì péré ni a ó mú nínú rẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé ilé kan tí orílẹ̀ Zerg ń kọ́, `Spawning Pool`, tó ń jẹ́ 150 tẹ́lẹ̀, ti di 200. Ohun tí a fi ń san án ni òkúta olówó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rù wá láti ibi ìwakùsà. Ilé yìí ni ilẹ̀kùn ogun fún Zerg: bí kò bá sí, `Zergling`, ẹranko kékeré eléyín mímú, kò lè jáde. Níbẹ̀rẹ̀ eré, òṣìṣẹ́ mẹ́rin àti òkúta 50 ni olúkúlùkù ní. Ẹni tó bá gbọ́n láabi kò ní fi 50 náà ra òṣìṣẹ́ karùn-ún. Yóò fi àwọn mẹ́rin náà ṣiṣẹ́ títí owó ilé náà yóò fi pé, yóò sì bí `Zergling` mẹ́fà, méjì méjì fún 50. Wọn yóò dé ilé alátakò kí ó tó ní ọmọ ogun kan ṣoṣo. Eré tó yẹ kó gba ìdajì wákàtí yóò parí ní ìṣẹ́jú díẹ̀, òpè yóò sì ti borí ọ̀ta.

Báwo ni ẹ̀yin ìbá ṣe tún un ṣe? A bi àwọn ọmọ ilé eré yẹn léèrè, púpọ̀ nínú wọn sì dáhùn pé kí a gé eyín `Zergling` kù, tàbí kí a dín ẹ̀mí rẹ̀ kù. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹranko yìí kan náà ni Zerg gbára lé ní ìdajì eré àti ní òpin rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ọ̀lẹ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ fún gbogbo ìyókù, orílẹ̀ kan nínú mẹ́ta yóò sì ṣubú. Àwọn tó ṣe eré náà kò fọwọ́ kan ẹranko. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi owó kún. Òkúta 50 jẹ́ iye òṣìṣẹ́ kan. Níwọ̀n bí òṣìṣẹ́ ti ń ru mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ìrìn méje ni, tí a bá sì pín in fún àwọn mẹ́rin, kò tó ìrìn méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìdúró díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdúró díẹ̀ yẹn ni alátakò nílò kí ọmọ ogun rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí òkúta ti pọ̀ nílé, 50 kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí náà àtúnṣe náà kò ní ipa lórí ìyókù eré rárá. Ó kan ibi tó ń dùn nìkan. Kò sì pa ọgbọ́n náà run. Àwọn ènìyàn ṣì ń lò ó, ó kàn di ewu fún ẹni tó lò ó náà ni, nítorí bí ó bá kùnà, kò ní òṣìṣẹ́ tó lè gbé e dìde.

Ìlà kejì jẹ́ ti Protoss. Àlùfáà wọn kan lè pe ìjì sórí ọmọ ogun alátakò. Tẹ́lẹ̀, ìjì náà ń gba ẹ̀mí 128 lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀ títí ó fi parí. Àtúnṣe `1.08` sọ ọ́ di 112. Ìyàtọ̀ 16. Ẹni tó bá kà á kíákíá yóò sọ pé kò tó nǹkan, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ni, pé ìjì ṣì jẹ́ ìjì.

Ọ̀nà tó tọ́ láti ka irú ìlà yìí ni láti gbé e síwájú ẹ̀mí àwọn tí ìjì náà ń bọ̀ lórí wọn. Jagunjagun ẹlẹ́sẹ̀ Terran ní ẹ̀mí 40. Ìjì 128 pa á, ìjì 112 náà pa á, kò sí ìyàtọ̀ fún un. `Hydralisk` ti Zerg ní 80. Bákan náà ni. Ṣùgbọ́n `Mutalisk`, ẹranko abìyẹ́ Zerg, ní 120, `Lurker` tó ń sin ara rẹ̀ sí ilẹ̀ sì ní 125. Tẹ́lẹ̀, ìjì kan tó gbogbo wọn pa. Lẹ́yìn àtúnṣe, `Mutalisk` yóò kù pẹ̀lú 8, `Lurker` yóò kù pẹ̀lú 13, àti pé ara ẹranko Zerg a máa san fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a bá fún un láyè. Ohun tó jẹ́ ìjì kan di ìjì méjì, tàbí ìjì kan àti ìbọn kan lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ìlà tó dà bí pé ó kan gbogbo ayé, àwọn ẹranko díẹ̀ ni ó kàn. Bó bá jẹ́ pé 128 ni wọ́n sọ di 126, ohunkóhun kì bá tí yí padà fún `Lurker` tí ara rẹ̀ pé, kì báà jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá.

A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ni láti máa wọn àtúnṣe pẹ̀lú bí nọ́ńbà ṣe tóbi tó. Ẹ bèèrè dípò bẹ́ẹ̀ pé: iye ìgbà mélòó ni mo nílò láti lu ẹni yìí tẹ́lẹ̀, mélòó ni mo nílò báyìí? Bí iye ìgbà kò bá yí padà, ẹ máa bá eré yín lọ. Bí ó bá yí padà láti ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì, eré mìíràn ni ẹ ń ta.

Ohun tó yani lẹ́nu jù nípa `1.08` ni pé lẹ́yìn rẹ̀, Blizzard kò tún fọwọ́ kan agbára tàbí owó ohunkóhun nínú eré náà mọ́. Kódà nígbà tí wọ́n tún àwòrán àti ohùn rẹ̀ ṣe ní ọdún 2017, àwọn nọ́ńbà wà bí wọ́n ti wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni eré náà ti di iṣẹ́ òòjọ́ ní Kòríà ti Gúúsù, tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ta ni ó wá ń dọ́gba rẹ̀? Àwọn tó ń ya ilẹ̀ ogun ni. Bí orílẹ̀ kan bá ń borí jù, wọ́n á ya ilẹ̀ tuntun tí ọ̀nà rẹ̀ há, tàbí tí ibi ìwakùsà kejì jìnnà síra, ìwọ̀n á sì padà bọ̀ sípò láìjẹ́ pé a kọ ìlà kan sínú ìwé àtúnṣe.

Àbùkù kan sì wà tí wọn kò tún ṣe títí di òní. Eniyan lè yan ọmọ ogun méjìlá lẹ́ẹ̀kan láti pàṣẹ fún. Ní ìgbà gbogbo, bí `Mutalisk` bá ń fò lọ ní ẹgbẹ́, wọ́n a fọ́nká díẹ̀. Àwọn ọ̀ta wá ṣàkíyèsí pé bí a bá yan mọ́kànlá nínú wọn, tí a sì fi ẹnìkan ṣoṣo tó wà ní ọ̀nà jíjìn ṣe ìkejìlá, ẹ̀rọ kì í tún fọ́n wọn ká mọ́. Gbogbo wọn a lé ara wọn lórí bí ẹni pé ẹyẹ kan ni wọ́n, wọn a sì yìnbọn pọ̀ sójú kan. Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀. Ní orúkọ, àbùkù ni. Ṣùgbọ́n ó ṣòroó ṣe, ó gba ọwọ́ tó yá, ojú àwọn òǹwòran sì ń dùn sí i, títí tí gbogbo ìdọ́gba eré náà fi dúró lé e lórí. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lónìí, ẹ gbọ́dọ̀ tún Zerg wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àbùkù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ìwé àtúnṣe kò sì dárúkọ rẹ̀, ẹ má tètè sọ pé wọn kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Bè, nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ fáráǹkì yẹn kò tíì parí. Ìbéèrè tí onílé eré bi wá ni pé kí ló dé tí eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gbà kí ẹ̀rọ tó ti gba àtúnṣe bá èyí tí kò tíì gbà á ta. Ó rò pé wọ́n kàn fẹ́ kí a máa ra mẹ́gábáìtì ni. Àwa náà mọ bí mẹ́gábáìtì ṣe wọ́n tó, ṣùgbọ́n ìdí gidi kan wà, StarCraft náà sì ni ó fi í hàn dáadáa. Nígbà tí ẹni méjì bá ń ta eré yẹn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ wọn kì í fi àwòrán ogun ránṣẹ́ sí ara wọn. Àṣẹ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́: lọ síbí, kọ́ èyí, lu tọ̀hún. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń fúnra rẹ̀ ṣírò ohun tó tẹ̀yìn àṣẹ náà yọ. Bí ìjì bá jẹ́ 128 lórí ẹ̀rọ tèmi, tí ó jẹ́ 112 lórí tìrẹ, `Lurker` yóò ti kú níwájú mi, yóò sì ṣì máa jà níwájú rẹ. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ogun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń jà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wo nọ́ńbà àtúnṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe `1.08` yìí kan náà ni ó mú àkọsílẹ̀ eré wọ StarCraft, tí a fi lè padà wo ìdíje tó ti kọjá. Àkọsílẹ̀ náà kéré lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí àṣẹ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àwòrán. Ó ní àléébù kan: bí nọ́ńbà eré bá yí padà lẹ́yìn náà, àṣẹ àtijọ́ lórí òfin tuntun lè mú ìtàn mìíràn jáde, kí ẹni tó borí di ẹni tó ń fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ lu afẹ́fẹ́.

Nínú ilé eré, ní ti ẹni méjì tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, kò sí ẹni tó ń yẹ nọ́ńbà wò fún wa. Ẹ̀rọ ọ̀tún lè wà lórí àtúnṣe tuntun, kí ti òsì wà lórí ti oṣù tó kọjá, kí àwọn mẹ́jọ sì máa díje lórí méjèèjì bí ẹni pé eré kan ni. Àmì rẹ̀ ni èyí: bí ọgbọ́n kan bá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan, tí kò ṣiṣẹ́ lórí èkejì, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe mànẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ eré náà, nọ́ńbà kékeré kan sábà máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀. Bí ti ẹ̀rọ méjèèjì kò bá bára mu, ẹ ti rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dá owó padà fún olúkúlùkù, ẹni tó ń borí sì gbà lẹ́yìn tí a ti bẹ̀ ẹ́ pẹ́. Wọ́n tún ìdíje náà ṣe ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lórí ẹ̀rọ tó ti gba àtúnṣe nìkan. Onílé eré ti lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní Yorùbá lápá kan, ní Faransé lápá kejì. Ó kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí i, ọjọ́ tó gba àtúnṣe, àti ìlà mẹ́ta tó kan ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe jù. Èyí tó wà lókè pátápátá kà báyìí pé: ìgbá òkèèrè kò tọ̀nà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ sún mọ́ ilé kí ẹ tó gbá a. Ọmọ wa náà ti ń sún mọ́ ọn. Ó jáde ní ìpele kejì, ó sì ní mànẹ́ẹ̀tì òun kò dára.